Kọ́mpurẹ́ṣàn párálẹ́ẹ̀lì lórí dírọ́ọ̀mù, àti ìgbà tó fi dáa ju ti bọ́ọ̀sì lásán lọ

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Orin ìsìn mẹ́ta kan ni mo ṣe fún kúáyà kan ní Ìsánlú, inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn gan-an la ti gbà á sílẹ̀, páànù lókè, símẹ́ńtì nílẹ̀, máìkì mẹ́fà lórí dírọ́ọ̀mù: ọ̀kan nínú kíìkì, ọ̀kan lórí sínéà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tọ́mù méjèèjì, méjì lókè fún símbà. Àbúrò tó lù ú mọ ìlù, ọwọ́ ẹ̀ ò wúwo, ó máa ń fi gósì nóòtì sáàárín, ìyẹn àwọn lílù kéékèèké tí igi kàn fi ń họ awọ sínéà láàárín pàá ńlá méjì, àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí orin tó ń lọ jẹ́jẹ́ ṣì máa mi èèyàn lára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí bàásì àti kíbọ́ọ̀dù ṣe wọlé báyìí, gbogbo gósì nóòtì yẹn rì, pàá ńlá nìkan ló kù, orin wá dà bí ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ pátákó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe lèmi náà kọ́kọ́ ṣe, mo kó gbogbo dírọ́ọ̀mù sínú bọ́ọ̀sì kan (bọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ń gbé yín láti Kàbà lọ Lọ́kọ́ja o, ibi tí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ìlù ti pàdé kí wọ́n tó lọ sí míìsì ni), mo fi kọ́mpurẹ́sọ̀ lé e lórí, mo fún un pọ̀ dáadáa. Pàá ńlá náà kúrú, ó pàdánù ẹnu tó fi ń gé orin, gósì nóòtì ò sì jáde. Ìgbà tí mo padà sí párálẹ́ẹ̀lì ló tó jókòó. Torí náà mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é létòlétò, àti bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá òun lẹ nílò, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà, orin kejì nínú mẹ́ta yẹn gan-an kò gbà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kọ́mpurẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀sì, òkè ló ń bá jà. Ohunkóhun tó bá ga kọjá ibi tí ẹ fi `Threshold` sí, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fúnra yín á gbé gbogbo ẹ̀ sókè padà kó lè dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Párálẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀, ẹ ò fọwọ́ kan ìlù gidi rárá. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ìlù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ máa fún ẹ̀dà yẹn lọ́rùn débi pé pàá ńlá àti gósì nóòtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ẹ̀, ẹ máa wá bu díẹ̀ nínú ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlù gidi. Nígbà tí pàá ńlá bá dé, ẹ̀dà ti kéré gan-an nígbà yẹn torí kọ́mpurẹ́sọ̀ ti dì í mú, kò lè fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí gósì nóòtì bá dé, kọ́mpurẹ́sọ̀ ti tú ọwọ́, ẹ̀dà wá ga tó ìlù gidi tàbí kó súnmọ́ ọn, àwọn méjèèjì para pọ̀, gósì nóòtì ga sókè. Ìsàlẹ̀ gòkè, òkè dúró síbi tó wà. Ọgbọ́n náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú ẹ̀rọ Dolby A tó ń pa ariwo téèpù, tó jáde ní 1965, ọ̀nà méjì báyìí ló wà tí ọ̀kan nínú wọn ní kọ́mpurẹ́sọ̀, àmọ́ lórí dírọ́ọ̀mù àwọn kan ń pè é ní kọ́mpurẹ́ṣàn Niú Yọ́ọ̀kì torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi lókìkí.

Ẹ jẹ́ n fi nọ́ḿbà sí i kó má di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ká ní pàá ńlá sínéà wà ní -6 dB, gósì nóòtì wà ní -30 dB, ẹ wá fi `Threshold` sí -30, `Ratio` sí 10:1. Pàá ńlá fi 24 dB ga ju Threshold lọ, ìdá mẹ́wàá ẹ̀ nìkan ló máa kọjá, ìyẹn 2.4, ẹ̀dà ẹ̀ á wá jáde ní -27.6. Ẹ fa féédà ẹ̀dà wálẹ̀ sí -6 kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ ti gidi: pàá ńlá ò lè fi ìdajì dB kan ga sí i, lílù àárín tó wà ní -18 á fi bíi dB kan lé díẹ̀ ga, gósì nóòtì á fi 3.5 dB ga. Bí ẹ bá gbé féédà ẹ̀dà dé 0, gósì nóòtì á fi 6 dB ga, pàá ńlá ò sì tíì lè ga tó dB kan. Ẹ wò ó, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ gbé sókè, ẹni àárín rí díẹ̀ gbà, ọ̀gá tó wà lókè ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi bọ́ọ̀sì sún gósì nóòtì súnmọ́ pàá ńlá bákan náà, pàá ńlá lẹ máa tẹ̀ wálẹ̀, ẹ máa wá gbé àti àárín àti ìsàlẹ̀ sókè ní iye kan náà.

Ohun kejì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló pa mí lórí orin yẹn, ni àkókò. Orin náà ń lọ ní 72 lílù níṣẹ̀ẹ́jú kan. Lílù kan gba 833 mílísẹ́kọ́ńdì, ẹ pín in sí mẹ́rin, ìyẹn 208. Ibẹ̀ ni gósì nóòtì àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí lẹ́yìn pàá ńlá. Kọ́mpurẹ́sọ̀ tí mo fi sórí bọ́ọ̀sì, mo fi `Release` ẹ̀ sí 300 torí pé mo fẹ́ kó rọra tú ọwọ́ kó má máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Pàá ńlá dé, kọ́mpurẹ́sọ̀ tẹ̀ ẹ́, 208 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn ẹ̀ gósì nóòtì dé, kọ́mpurẹ́sọ̀ ò tíì tú ọwọ́ tán, ni gósì nóòtì tí kò ṣẹ nǹkan kan bá jẹ ìyà pàá ńlá. Ohun tí mo fẹ́ gbé sókè ni mo ń tẹ̀ rì. Nínú párálẹ́ẹ̀lì, bí `Release` bá tiẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀dà nìkan ló máa jẹ ìyà yẹn, ìlù gidi ṣì wà lódindi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ kàn ò ní rí èrè ni, ẹ ò ní pàdánù. Fún mi, ìyàtọ̀ yìí ju ti nọ́ḿbà lọ.

Ó yá, iṣẹ́. Reaper ni mo fi ṣe é pẹ̀lú ReaComp tó bá a wá, torí láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà, pulọ́gíìnì ńlá ńlá máa ń dá a lóró, àmọ́ kò sí ètò tí ẹ ò ti lè ṣe é.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ to ìlù náà dáadáa láìsí kọ́mpurẹ́ṣàn kankan. Kíìkì àti sínéà gbọ́dọ̀ ti dọ́gba létí yín, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò pé máìkì òkè àti ti sínéà kò máa pa ara wọn. Párálẹ́ẹ̀lì kì í tún míìsì tó wọ́ ṣe, ńṣe ló máa ń gbé wíwọ́ ẹ̀ sókè sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè pẹ̀lú, kí pàá tó ga jù lọ wà ní bíi -6 lórí mítà.

Iṣẹ́ kejì wà lórí tọ́mù, àwọn èèyàn máa ń fò ó, ẹ má fò ó. Nínú orin ìsìn oníṣẹ́ẹ̀jú mẹ́fà, tọ́mù lè dún ìgbà mẹ́jọ péré, gbogbo ìyókù àkókò máìkì ẹ̀ ń gbọ́ símbà, ó ń gbọ́ sínéà, awọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ á tún máa kùn wùùù nígbàkugbà tí wọ́n bá lu kíìkì. Gbogbo ìyẹn wà nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni párálẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn láti gbé. Torí náà ẹ fọwọ́ gé e, ẹ fi ibi tí wọ́n ti lu tọ́mù nìkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìparí gígé kọ̀ọ̀kan rọra lọ kó má já lójijì. Mi ò fi géètì sórí sínéà ṣá o, torí géètì tó lè dá háíháàtì dúró á dá gósì nóòtì dúró pẹ̀lú, nígbà náà kí la wá ń ṣe látàárọ̀?

Ní báyìí ẹ ṣe tíráàkì ńlá kan tí gbogbo ìlù á wà lábẹ́ ẹ̀ bíi fódà, ẹ pè é ní `DRUMS`. Nínú fódà yẹn náà ni kí ẹ ṣí tíráàkì tuntun kan sí, ẹ pè é ní `PARA`. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà nínú fódà kan náà ni pé tí ẹ bá fa féédà `DRUMS` wálẹ̀ lọ́la, ìlù gidi àti ẹ̀dà á jọ wálẹ̀, bí ẹ̀dà bá wà níta, á dá dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò sọ fún pé àsè ti parí. Láti kíìkì, sínéà àti tọ́mù méjèèjì, ẹ fi ránṣẹ́ sí `PARA`, kí gbogbo wọn wà ní 0 dB, kí irú ẹ̀ jẹ́ `Post-Fader (Post-Pan)`, kó lè jẹ́ pé bí ẹ ṣe to ìlù náà ló ṣe máa dé inú ẹ̀dà. Máìkì òkè, ẹ má fi ránṣẹ́. Mo ṣe é rí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nípa párálẹ́ẹ̀lì, mo kó gbogbo ẹ̀ wọlé pẹ̀lú símbà, mo gbé e fún àwọn tó ni orin, ọ̀kan nínú wọn ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣe é ni?" Ó dún bí òjò lórí páànù lóòótọ́. Símbà máa ń pẹ́ kó tó kú, ìrù ẹ̀ gùn, ìrù yẹn sì ni ẹ̀dà máa ń fà yọ. ReaComp ní `Wet` àti `Dry` nínú ara ẹ̀, ẹ lè fi ìyẹn ṣe párálẹ́ẹ̀lì tààrà lórí `DRUMS` láìsí tíráàkì kejì, ó yá, àmọ́ ẹ ò ní lè yọ símbà kúrò, ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn ẹ̀ fún ìlù nìyẹn.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ dán an wò bóyá ẹ̀dà àti ìlù gidi ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ReaComp sórí `PARA`, ẹ fi `Ratio` sí 1:1 kó má ṣe nǹkan kan, ẹ pa `Auto make-up`, féédà `PARA` sí 0, ẹ pa ohùn máìkì òkè, ẹ wá tẹ `Ø` lórí `PARA`. Gbogbo ìlù gbọ́dọ̀ kú, kí ó dákẹ́ rọ́rọ́, torí ohun kan náà lẹ yọ kúrò lára ara ẹ̀. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ nǹkan tín-ín-rín bí ìlù tó wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lọ, a jẹ́ pé ẹ̀dà ń pẹ́ dé, tàbí pé pulọ́gíìnì kan wà lórí ẹ̀ tó ń yí ohùn padà. Mílísẹ́kọ́ńdì kan péré tí ẹ̀dà bá fi pẹ́, á gbẹ́ ihò sí 500 Hz, á tún gbẹ́ sí 1500, á tún gbẹ́ sí 2500, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ, sínéà á wá dún bíi kórobá. Reaper máa ń fúnra ẹ̀ ṣe àtúnṣe ìpẹ́dé pulọ́gíìnì, torí náà inú kọ̀ǹpútà kò sábà ní wàhálà, orí míísà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, níbi tí ẹ̀dà ti lè gba inú ẹ̀rọ ìfẹ́ẹ̀tì kan kọjá tí ìlù gidi ò sì gbà á kọjá. Tó bá ti dákẹ́, ẹ tú `Ø` sílẹ̀, ẹ dá máìkì òkè padà. Fún ìdí kan náà, mi ò kì í fi íkuọ́líísà gé ìsàlẹ̀ ẹ̀dà bí mi ò bá ní ìdí gidi, torí íkuọ́líísà náà ń yí àkókò ohùn padà níbi tó bá ti gé, èyí tó wá ṣẹ́ kù lè máa bá kíìkì gidi jà.

Ẹ wá fún un lọ́rùn. `Ratio` 10:1. `RMS size` sí 0 kó lè rí ṣóńṣó pàá gan-an kó má máa wo ìwọ̀n àárín. `Attack` sí 0.5, `Pre-comp` sí 1, `Knee size` sí 0. Ẹ máa fa `Threshold` wálẹ̀ títí mítà á fi máa fi 15 sí 20 dB hàn nígbàkugbà tí pàá ńlá bá dé, ṣùgbọ́n tí kò ní mì rárá nígbà tí gósì nóòtì bá dé. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an: gósì nóòtì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ `Threshold` tàbí kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, bí kọ́mpurẹ́sọ̀ bá ti ń tẹ gósì nóòtì náà, ẹ ti lọ sísàlẹ̀ jù, ariwo yàrá lẹ ń gbé sókè báyìí.

`Attack` ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá mi jiyàn lé. Lórí bọ́ọ̀sì, a ti kọ́ wa pé kí a fi `Attack` sí 20 tàbí 30 kí ẹnu pàá lè kọjá. Òótọ́ ni, torí níbẹ̀ kò sí ìlù mìíràn. Nínú párálẹ́ẹ̀lì, ẹnu pàá ti wà nínú ìlù gidi lódindi, ẹ̀dà ò tún gbọ́dọ̀ gbé tiẹ̀ wá. Tí ẹ bá fi `Attack` ẹ̀dà sí 30, ẹnu pàá méjì á pàdé, pàá tó ti wà ní -6 tẹ́lẹ̀ á lè fi 3 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga sí i nígbà tí féédà ẹ̀dà wà ní -6, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn á bàjẹ́. Ìdí tí mo fi fi `Pre-comp` kún un náà nìyẹn, kí kọ́mpurẹ́sọ̀ lè ti rí pàá kó tó dé. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi `Attack` falẹ̀ torí wọ́n fẹ́ kí ìlù gbá èèyàn láyà, kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, kí wọ́n mọ̀ pé òkè ni wọ́n ń gbé.

`Release`, ẹ lo àkókò orin. Gósì nóòtì tiwa ń dé ní 208 mílísẹ́kọ́ńdì, mo fi `Release` sí 100, èyí tó túmọ̀ sí pé nígbà tó bá dé kọ́mpurẹ́sọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọwọ́ tán. Nǹkan bí ìdajì àkókò náà ni mo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ẹ má yára jù ú lọ o. Kíìkì tó ń dún ní 50 Hz, ìyípo ẹ̀ kan gba 20 mílísẹ́kọ́ńdì, tí `Release` bá lọ sí 20 tàbí 30, kọ́mpurẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kó sì tún máa tú láàárín ìyípo kọ̀ọ̀kan, kíìkì á wá máa fọ́ bíi sípíkà tó ti ya. Tí ẹ bá sì rí i pé ìgbàkígbà tí kíìkì bá dún ni sínéà inú ẹ̀dà ń rì, ẹ fi `Highpass` inú ReaComp sí 100 Hz. Kò gé ohùn kankan, ohun tí kọ́mpurẹ́sọ̀ fi ń gbọ́ ìlù ló ń gé, kíìkì ò wá ní máa dá gbogbo ẹ̀ láàmú mọ́.

Ẹ gbọ́ `PARA` lóun nìkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa burú. Pàá ò lẹ́nu, háíháàtì tó rá wọ inú máìkì sínéà ń ké ṣììì, yàrá ń mí. Ẹ má tún un ṣe, kì í ṣe òun lẹ máa gbọ́. Ohun tí ẹ ń wá nínú ẹ̀ ni pé kí gósì nóòtì ga débi pé ẹ lè fi ẹnu kà á. Àbúrò tó lu ìlù náà jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ `PARA` nìkan, ó dorí kodò, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí mo ṣe lù ú nìyẹn?" Mo ní kó fara balẹ̀.

Ẹ fa féédà `PARA` wálẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí gbogbo orin máa dún, bàásì, kíbọ́ọ̀dù, àwọn tó ń kọrin, gbogbo ẹ̀, ẹ wá máa gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbọ́ gósì nóòtì ní kedere, ẹ dúró, ẹ fa á padà ní 2 dB. Tèmi dúró sí -7. Tí ẹ bá ṣe é nígbà tí ìlù nìkan ń dún, ẹ máa fi sí ibi tó kéré jù, torí ìlù nìkan ti ń fi gósì nóòtì hàn láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀: nǹkan tí ẹ bá fi kún nǹkan á pariwo sí i, etí sì máa ń rò pé ohun tó pariwo ló dáa. Nítorí náà ẹ má kàn máa tan `PARA` kí ẹ máa pa á kí ẹ sì ní ó dùn. Ẹ fa féédà `DRUMS` wálẹ̀ ní bíi 1 dB nígbà tí `PARA` bá wà lórí, títí tí títan àti pípa ẹ̀ fi máa dún bákan náà ní ariwo, kí ẹ tó wá gbọ́ ìyàtọ̀ gidi. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ dọ́gba wọn ẹ ò rí èyí tí ẹ fẹ́ mọ́, ẹ yọ párálẹ́ẹ̀lì kúrò jàre.

Orin kejì wá ńkọ́? Orin ìyìn ni, ó ń sáré, àwọn èèyàn ń jó, ẹlòmíràn ló lu ìlù, ẹni yẹn kì í fi gósì nóòtì sí nǹkan, agbára ló fi ń lù. Pàá kan á wà ní -4, èyí tó tẹ̀lé e á wà ní -11, òmíràn -6. Mo fi párálẹ́ẹ̀lì tí mo ti tò kalẹ̀ sí i nítorí ọ̀lẹ, mo ní ó ṣáà ti wà níbẹ̀. Ìlù náà sanra, ó kún, ṣùgbọ́n pàá tó ga ṣì ga, èyí tó kéré ṣì kéré, ẹ ò lè fi párálẹ́ẹ̀lì tọ́jú èyí torí kò fọwọ́ kan òkè, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ni orí límítà tó wà lórí gbogbo orin: tó bá jẹ́ pé àwọn pàá kan péré ló ń mú un mì, òkè ni àìsàn wà. Mo pa `PARA`, mo kọ́kọ́ fi kọ́mpurẹ́sọ̀ kékeré kan sórí sínéà nìkan, lẹ́yìn náà mo fi ReaComp sórí `DRUMS`, 4:1, `Attack` 25, `Release` 120, ó ń tẹ pàá tó ga jù ní bíi 4 dB, èyí tó kéré kò fara kàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi parí ẹ̀. Gósì nóòtì kò sí níbẹ̀ tí `Release` máa jẹ níyà, símbà náà sì wọlé pẹ̀lú ìyókù, gbogbo ìlù wá ń mí pọ̀ bí ohun kan, èyí tí párálẹ́ẹ̀lì tí mo yọ símbà kúrò nínú ẹ̀ kò lè ṣe.

Torí náà ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ṣé ohun tó ga ló ń yọ mí lẹ́nu ni, àbí ohun tí mi ò gbọ́? Tó bá jẹ́ ohun tó ga, bọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ ohun tí mi ò gbọ́, tí òkè sì ti dára, párálẹ́ẹ̀lì.

Ó ku àwọn ibi tí mi ò ní lò ó tó bẹ́ẹ̀ bí ìsàlẹ̀ bá tiẹ̀ rì. Àkọ́kọ́ ni tí ariwo bá wà nínú máìkì. Orin kẹta, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ yẹn torí iná lọ lójijì, nínú ìlù gidi ẹ ò lè gbọ́ ọ, àmọ́ bí mo ṣe gbé `PARA` dé -7 ó ń kùn láàárín pàá kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ nígbà tí pàá bá dé, á tún dìde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń hanrun. Párálẹ́ẹ̀lì ò mọ gósì nóòtì yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn jẹ́ lójú ẹ̀. Mo yọ kíìkì àti tọ́mù kúrò nínú ẹ̀dà, sínéà nìkan ni mo fi ránṣẹ́, mo fa `PARA` lọ sí -12, ibẹ̀ ni mo ti lè fara mọ́ ọn. Èkejì ni lórí ìsìn ààyè. Ohun tí ẹ bá fi 6 dB gbé sókè nísàlẹ̀, ẹ ti fi 6 dB sún máìkì yẹn súnmọ́ ibi tó ti máa hu, pàápàá tí mọ́nítọ̀ onílù bá kọjú sí sínéà, ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ wà láàárín àdúrà kí ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í hu wíì.

Lórí orin àkọ́kọ́, mo ṣì fi kọ́mpurẹ́sọ̀ sórí `DRUMS` lẹ́yìn párálẹ́ẹ̀lì, 2:1, kó má tẹ̀ ju 1.5 dB lọ, kí símbà àti ìyókù lè jọ rìn. Mo tò ó lẹ́yìn tí `PARA` ti wà níbi tó wà, torí ohun tí àwọn méjèèjì para pọ̀ jẹ́ ló máa gbọ́, tí ẹ bá tún gbé `PARA` lẹ́yìn ìgbà yẹn ẹ máa padà wá wo `Threshold` ẹ̀. Mo fi orin náà ránṣẹ́ sí àbúrò lórí fóònù. Ó pè mí padà lálẹ́, ó ní òun fi sípíkà fóònù lásán gbọ́ ọ, pé gósì nóòtì tó wà lẹ́yìn pàá kejì nínú ẹsẹ̀ kejì, òun ṣèèṣì lù ú ni, ṣé mo lè bá òun yọ ọ́.